Ládànì Kò Lo Oògùn

Ẹ̀yìn abà ni Àkànó ti máa ń jẹun ní oṣù ààwẹ̀ ọdún náà. Kì í ṣe inú abà, nítorí ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Koussountou lè yà wọlé láti bu omi fọwọ́. Ẹ̀yìn abà, níbi tí ó kó àwọn ọ̀pá iṣu jọ sí, ni yóò lóṣòó sí, yóò po gàrí díẹ̀ sínú igbá, yóò sì gbé e mì kíákíá bí ẹni tó ń jí oúnjẹ olóúnjẹ. Bí ó bá mu ún tán, yóò ṣan igbá náà, yóò fi omi yọ ẹnu léraléra, yóò tún mí sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀ wò. Ìgbà náà ni yóò tó jókòó, tí yóò máa dúró de ohun tó mọ̀ pé ó ń bọ̀: iná tó ti ń jó o lókè ìdodo láti òwúrọ̀ yóò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bu omi sí ẹ̀yinná. Kì í pẹ́ kó tó tún padà.

Àkànó mọ̀ pé ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti jẹun lóṣù ààwẹ̀. Òun ni ládànì mọ́ṣáláṣí Kambolé, ohùn tirẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń mọ̀ pé oòrùn ti wọ̀, òun ni wọ́n sì ń gbọ́ kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu. Ohun tó mú kó máa sá pamọ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀, nítorí wọn yóò ní ládànì àwọn kò lè gba ààwẹ̀.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àkókò ọyẹ́ ni wọ́n máa ń kọ ebè iṣu ní ìlú wọn, ilẹ̀ ti ń gbẹ nígbà náà, ọkọ́ ń ta padà bí ẹni ń fi í gbá òkúta. Láti ìgbà èwe ni Àkànó ti ń kọ ebè, ní ọdún náà sì ni orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Bí ó bá tẹ̀, kò ní lè nà. Bí ó bá nà, kò ní lè tẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, obìnrin kan tó ń kiri kọ́ńpirìmé, àwọn hóró òyìnbó tí wọ́n ń gbé mì, nínú àwo pẹrẹsẹ, tó tò wọ́n sáàárín bátìrì àti ọṣẹ, fún un ní oríṣi pupa kan tó wà nínú ìwé fàdákà. Ó ní òun ni gbogbo alábàárù tó wà ní Sokodé ń lò. Àkànó lò ó lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn tó jẹ iyán tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀, ó sì dìde láìkérora. Ìyàwó rẹ̀, Hàjàrá, wò ó, ó ní ó dà bí ìgbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

Bí ààwẹ̀ ṣe wọlé, ohun tó tún le ju ebè lọ dé. Àṣàmù, ìrun gígùn tí wọ́n ń kí lẹ́yìn ìrun alẹ́, kò mọ aláìlera. Wọn á dúró, wọn á tẹ̀, wọn á forí kanlẹ̀, wọn á dìde, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn Lèmọ́mù gan-an ni àyè ládànì, gbogbo ojú sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àkànó kò lè rò ó pé òun yóò máa di ògiri mú kí òun tó dìde. Nítorí náà, ó ta ọgbọ́n kan. Ó ti kíyè sí i pé kọ́ńpirìmé pupa yẹn tètè máa ń ṣiṣẹ́ bí inú bá ṣófo. Bí ó bá ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́ tán, omi tó fi ń ṣínu ni yóò fi gbé méjì mì, kó tó kan dàbínù, kó tó kan kókó. Kí àṣàmù tó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yóò ti rọ̀. Ní ìgbà sààrì, ó tún ń fi omi lo méjì mìíràn, nítorí oúnjẹ kì í wù ú jẹ ní wákàtí yẹn, ebè sì ń dúró dè é lóko. Bí orí bá fọ́ ọ lọ́sàn-án, ó tún ń lo àspirínì kí orí lè fi í sílẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí débi pé kò lè pa á mọ́ra. Ó sọ ọ́ fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, pàápàá Bàbá Jímọ́ọ̀, tí ìbàdí rẹ̀ ti le gan-an.

Ó ní, "Bàbá, omi ìṣínu ni kí ẹ fi gbé e mì. Ẹ má dúró de oúnjẹ."

Ààwẹ̀ kò tíì dé ìdajì nígbà tí iná náà bẹ̀rẹ̀ lókè ìdodo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ebi ni. Ó sì jọ ebi lóòótọ́, torí bí ó bá ti jẹ nǹkan, á rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń jí i lóru, ó ń lọ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ po gàrí lẹ́yìn abà, ó sunkún nígbà tó mu ún tán, ó sì pe ìrun ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ohùn tí Lèmọ́mù yìn pé ó wọni lára.

Hàjàrá ló kọ́kọ́ rí i pé ọkọ òun ń rù. Kò bá a jiyàn. Ó lọ bá Ṣítù, ọmọ Lèmọ́mù, tó gbọ́ Faransé, tó sì ní alùpùpù, ó bẹ̀ ẹ́ kó gbé ọkọ òun, Bàbá Ṣìkírà, lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Tchamba. Nígbà tí Àkànó gbọ́ ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ fún òun, ó fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n Ṣítù ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yà Kotokólì, tí kò gbọ́ èdè wọn, ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó jókòó sábẹ́ àwòrán Ààrẹ, ó sì ń kọ nǹkan bí ó ti ń bèèrè. Ó fọwọ́ tẹ ikùn Àkànó. Ó bèèrè bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó ti dúdú láti ọjọ́ mélòó kan, ó dúdú bí ọ̀dà, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́ ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n báwo ni ládànì yóò ṣe jókòó ṣàpèjúwe ìgbẹ́ fún ọmọ Lèmọ́mù? Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nọ́ọ̀sì náà wá bèèrè ní Faransé bóyá ó ń lo egbòogi kankan. Ṣítù yíjú sí i.

"Ó ní ṣé ẹ ń lo oògùn."

Ọjọ́ Jímọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni bàbá Ṣítù fi gbogbo wáàsí bá àwọn tó ń so oògùn mọ́dìí, tí wọ́n ń rì í mọ́nú oko, tí wọ́n sì tún ń wá forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, wí. Etí Àkànó gbóná. Ìwé fàdákà náà wà nínú àpò sòkòtò rẹ̀ bó ṣe jókòó yẹn, ṣùgbọ́n kọ́ńpirìmé nìyẹn, ẹni tó ń jẹ́ ládànì kì í lo oògùn.

"Mi ò lo oògùn rí láyé mi," ni ó wí. "Bàbá rẹ mọ̀ mí."

Ṣítù túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, ó sì fi kún un pé ẹni yìí kò tíì já ààwẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì náà mi orí. Ó fún un ní kọ́ńpirìmé funfun kan tí wọ́n ń rún lẹ́nu, tí ń rọ omi kíkan inú ikùn lójú. Ó ní kó má gba ààwẹ̀ mọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi yá, àti pé bí ìgbẹ́ bá dúdú tàbí tí ó bá bì, kó má ṣe sùn kó tó padà wá. Lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń bọ̀, Ṣítù ní irú ọ̀rọ̀ báyìí ni aláìsàn mìíràn yóò fi ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé Ládànì kò ní jẹ́ já ààwẹ̀.

Àkànó kò já a lójú ènìyàn. Ó ń rún kọ́ńpirìmé funfun náà lẹ́yìn abà pẹ̀lú gàrí rẹ̀. Tí oòrùn bá wọ̀, ó ń fi omi gbé méjì pupa náà mì bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí àṣàmù kò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń tú ìdí ohun kan náà tó ń gbìyànjú láti dí.

Ọjọ́ tí ó ṣubú, ìrun àsárì ló ń pè. Ó gbé ọwọ́ sí etí, ohùn rẹ̀ jáde, ó sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ibi jíjìn ló ti ń wá. Òógùn tútù bò ó. Ojú rẹ̀ ṣú. Nígbà tí ó tún mọ nǹkan, ilẹ̀ iwájú mọ́ṣáláṣí ló wà, ó sì ń bì. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ẹnìkan ń kígbe pé kí wọ́n wá ọkọ̀.

Wọn kò dúró ní Tchamba. Níbi tí àwọn jàǹdáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, fi okùn dí ọ̀nà sí, wọ́n tan iná wo inú ọkọ̀, wọ́n bèèrè ohun tó ṣe ọkùnrin náà. Ṣítù dáhùn pé ààwẹ̀ ni, pé ẹni Ọlọ́run ni, ó kọ̀ láti jẹun títí ó fi dákú. Jàǹdáámù kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ṣàdúà fún un, ó sì tú okùn. Àkànó gbọ́ ọ láti orí itan Hàjàrá tí ó fi orí lé. Kò tíì sí ìyìn kankan tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ilé ìwòsàn ńlá ní Sokodé, Ràṣídì, àbúrò Hàjàrá tó ń ta aṣọ lọ́jà ibẹ̀, ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n fi omi sí Àkànó nínú iṣan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ti Ràṣídì bá tirẹ̀ mu, wọ́n fà á, wọ́n sì gbé ike pupa náà kọ́ sókè orí rẹ̀. Ṣítù ti padà sí Kambolé láti lọ jíṣẹ́. Dókítà kan, obìnrin tó ga, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní àsìkò, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ràṣídì ń túmọ̀. Ó ní ọgbẹ́ wà nínú ikùn Àkànó, ọgbẹ́ náà ló ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí omi kíkan inú ikùn bá sì ti sè ló ń dúdú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ikùn, Lomé ló wà. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dá, wọn yóò ní láti gbé e lọ síbẹ̀, bóyá kí wọ́n sì là á. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ohun tó dá ọgbẹ́ náà, torí bí ohun náà bá ṣì ń wọlé, ohun tí àwọn ń ṣe kò ní wúlò.

"Ó ní ṣé ẹ ń lo oògùn kankan, Ẹ̀gbọ́n," ni Ràṣídì wí.

"Rárá."

Dókítà náà kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń wò ó. Hàjàrá, tó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè tó ti tú, sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè.

"Bàbá Ṣìkírà, àwọn pupa yẹn ńkọ́?"

Ẹ̀jẹ̀ Ràṣídì ń kán tó, tó, tó, sínú okùn ike. Àkànó wo ibẹ̀, ó rò ó pé bí òun bá tún purọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ yìí ni yóò gba ọ̀nà kan náà jáde. Ó ti ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ kò sí bọ àpò sòkòtò tí wọ́n ká sábẹ́ orí rẹ̀, ó sì yọ ìwé fàdákà náà.

"Kọ́ńpirìmé ni," ó wí. "Mi ò pè é ní oògùn."

Dókítà náà gbà á, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ lójú iná, ó sì dárúkọ rẹ̀: ìbùpùrófẹ̀n. Ó béèrè ìgbà tó ń lò ó, bó ṣe ń lò ó, àti ohun mìíràn tó ń lò mọ́ ọn. Àkànó sọ gbogbo rẹ̀, omi ìṣínu, sààrì, àspirínì. Ibi tó kù ló ṣòro. Ó ní kí Ràṣídì sọ fún dókítà pé òun ti ń jẹun lọ́sàn-án lẹ́yìn abà, nítorí bí òun bá jẹ nǹkan, ìrora náà ń rọlẹ̀. Ràṣídì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Hàjàrá ń wo ilẹ̀.

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Àkànó wí. "Ládànì ni mí, mo sì ń jẹun lẹ́yìn abà."

Nígbà tí dókítà náà gbọ́ ọ, kò ṣe háà. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì yọ gègé. Àkànó kò gbàgbé ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, torí pé bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ti máa ń wọ̀ ọ́ lára láti kékeré.

Ó ní omi tó wà nínú ikùn kan débi pé ó lè yọ́ ẹran. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ikùn fúnra rẹ̀ ni pé ikùn ń rẹ́ ara rẹ̀ nínú pẹ̀lú nǹkan tó ń yọ̀, bí ọbẹ̀ ilá. Ojoojúmọ́ ni ó ń tún un rẹ́. "Ẹ rò ó pé ọmọ ilé kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì," ni Ràṣídì túmọ̀. "Bí ibì kan nínú ara bá bàjẹ́, òun ló ń ké kí ẹ lè mọ̀, igbe yẹn ni ìrora orúnkún yín. Òun náà ló tún ń rẹ́ ògiri ikùn. Kọ́ńpirìmé yìí di ẹnu rẹ̀. Ó sì di ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú." Nígbà tí kò sí ẹni tó ń rẹ́ ògiri mọ́, omi kíkan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Oúnjẹ ń fa omi kíkan náà mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń rọlẹ̀ lẹ́yìn abà. Ti àspirínì tó fi kún un, ó dà bí ẹni tó tún lọ pe olè kejì wá.

Àkànó béèrè bóyá bí òun bá ń gbà á ní abẹ́rẹ́, tí kò kan ikùn, kò ní ṣe nǹkan. Dókítà náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń di ọwọ́ ọmọ ilé náà, kì í ṣe ibi tó bá ṣubú sí nìkan. Abẹ́rẹ́ pàápàá, ó máa dé ibẹ̀. Kí ènìyàn jẹun kó tó lò ó dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò tó láti dáàbò bo ikùn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, díẹ̀ tó lè ran án lọ́wọ́ ni kó lò, fún àkókò kúkúrú, kó má sì da irú rẹ̀ méjì pọ̀. Àgbàlagbà, tàbí ẹni tó ti ní ọgbẹ́ ikùn rí, kó má dán an wò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, wọn yóò fún un ní kápúsù tí ń dín omi kíkan kù pẹ̀lú rẹ̀. Fún orúnkún Àkànó, parasetamọ́ọ̀lù ni, kò sì gbọdọ̀ ju iye tí àwọn bá kọ fún un lọ. Kápúsù náà, àárọ̀ ni yóò máa lò ó kó tó jẹun, kó má dá a dúró nítorí pé ìrora ti lọ, torí ọgbẹ́ ṣì ń san lábẹ́. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan tún máa ń fa irú ọgbẹ́ yìí, àwọn yóò yẹ ìyẹn wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ náà ti dá. Hàjàrá ń fi ṣíbí fún un ní kókó. Àkànó kò lè wò ó lójú. Ó béèrè ìgbà tó ti mọ̀ pé òun ń jẹun.

"Igbá wo ló ń fọ ara rẹ̀ lóko?" ni Hàjàrá wí. "La ẹnu."

Ọjọ́ tí wọ́n dé Kambolé, ọdún Ìtunu Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìròyìn tí Ṣítù sọ fún jàǹdáámù ti ṣáájú wọn dé ilé, ó sì ti sanra lọ́nà. Àwọn obìnrin ń na ọmọ wọn sí Àkànó kó gbàdúrà fún wọn. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó sórí ẹní, ó ní òun ti fi Ládànì ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí. Ṣítù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Àkànó ń sọ pé a dúpẹ́, a dúpẹ́, ó sì ń retí kí wọ́n dìde. Ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé ohun tí òun sọ ní Sokodé yóò wà ní Sokodé. Òun yóò san ààwẹ̀ òun padà ní ìkọ̀kọ̀, Ọlọ́run nìkan ni yóò mọ̀.

Bàbá Jímọ́ọ̀ ló wọlé kẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó jókòó pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Ó ní òun wá kí ẹni tó kọ́ òun lọ́gbọ́n. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fi omi ìṣínu gbé àwọn pupa yẹn mì, àṣàmù kan kò tíì fo òun. Inú ló kàn ń jó òun díẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun ti gbọ́ ohun tí Ládànì fara dà, òun náà yóò fara dà á.

Àkànó wo ẹsẹ̀ arúgbó náà, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó funfun fún ọyẹ́. Ó wo ojú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀. Hàjàrá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́, kò wọlé, kò sì jáde.

"Lèmọ́mù," ni Àkànó wí, "mi ò gba ààwẹ̀ tí ẹ ń yìn mí sí yẹn."

Ó sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ fún dókítà, ṣùgbọ́n èyí le ju ìyẹn lọ, torí kò sí ògbufọ̀ láàárín. Ó sọ ti ẹ̀yìn abà. Ó sọ pé kì í ṣe ààwẹ̀ ló ṣe òun léṣe, kọ́ńpirìmé ni, àti pé nígbà tí Ṣítù béèrè ní Tchamba bóyá òun ń lo oògùn, ìtìjú ni òun fi dáhùn. Ó wá yíjú sí Bàbá Jímọ́ọ̀, ó ní kó má fi ọ̀kan sí ẹnu mọ́, kó dárí ji òun, torí òun ló kọ́ ọ. Dídán ti kúrò lójú Ṣítù. Lèmọ́mù ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò sì gbójú sókè. Ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oògùn ní oṣù yìí, òun kò sì sọ èyí tó yẹ.

Àkànó rò pé ilẹ̀ yóò la ẹnu. Kò là. Ó mí, ó sì béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì Tchamba béèrè lọ́wọ́ òun.

"Bàbá, ìgbẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ó dúdú?"

Arúgbó náà gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Ó wo Lèmọ́mù, ó wo àwọn obìnrin tó kún ẹnu ọ̀nà, ó wo àwọn ọmọ wọn.

"Ládànì," ni ó wí ní ohùn kékeré, "ní kí wọ́n jáde ná."

Àkànó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.